Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ Wò Kí O Tó Wá Agbára

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọ̀rọ̀ tòní. Bí ọmọdé bá wà nítòsí rédíò, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan finú hàn mí. Inú yàrá kan ní Agbowó ni àwa méjèèjì jọ ń gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú Ìbàdàn, a sì ti di ọmọ ìyá láti ìgbà náà. Pákó ló ń tà ní Bódìjà báyìí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀: nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò dìde dáadáa mọ́. Mi ò lè sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tó kà á tán, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kà á sórí afẹ́fẹ́, kí n sáà ti yọ orúkọ òun kúrò. Ó ní ọkùnrin tó wà nírú ipò yìí pọ̀ nígboro, wọn ò kàn rí ẹni bá sọ ọ́ ni. Lẹ́tà náà rèé.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo dúpẹ́ pé o sọ fún mi. Mo rí bí o ṣe ń fi ọwọ́ pa pákó kan náà lọ, pa á bọ̀, kí o tó sọ pé, "Ó ti tó oṣù mẹ́jọ." Oṣù mẹ́jọ pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo láti máa dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n to ohun tí o sọ jọ bí dókítà ṣe máa tò ó sínú ìwé. O ti pé ọdún 48. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó rọ̀. Nígbà tó yá, kò le tó bó ṣe yẹ mọ́. Ti ìdájí, èyí tó máa ń jí ṣáájú rẹ tẹ́lẹ̀, wá di ohun tí o ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni o wá fi àwọn nǹkan kan kún un bí ẹni pé wọn ò já mọ́ nǹkan kan: pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni o ń jí lóru láti lọ tọ̀, pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ṣáá, pé ṣòkòtò rẹ ti tú ní ìbàdí, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ rẹ kò dín. O tún rán mi létí pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n ní ó ga, wọ́n fún ọ lóògùn, o lo páálí kan, nígbà tó tán, o ò rà á mọ́. Àtọ̀gbẹ ló sì ṣe ìyá rẹ.

O wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ọjọ́ orí ni? Ṣé ọwọ́ ayé ni? Oògùn wo ni kí o lò? Màá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo lẹ́tà yìí fẹ́ sọ fún ọ: má tíì wá agbára. Yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò ná.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nínú nǹkan ọmọkùnrin, kò sí egungun, kò sì sí ẹran líle tó ń gbé e dìde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí inú wọn rí bíi kànìnkànìn, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìfẹ́ bá ta ọkùnrin, ọpọlọ rẹ̀ á ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí ó rán ni pé kí àwọn iṣan tó wà lára àwọn ihò yẹn dẹ̀. Wọ́n á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, kànìnkànìn á wú. Bó ṣe ń wú, á fún àwọn ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà jáde mọ́ ara awọ líle tó yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ ti wọlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti tì. Ohun tí à ń pè ní dídìde kò ju ìyẹn lọ.

O rí i pé agbára kọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Dídẹ̀ iṣan àti wíwọlé ẹ̀jẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé o ò lágbára mọ́, kò mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wọlé?

Ohun méjì ló sábà máa ń dí i. Ọ̀kan wà lórí, ìkejì wà nínú ara. Ìbẹ̀rù, gbèsè, ìjà ilé, èrò pé "bó tún kọ̀ lálẹ́ òní ńkọ́", gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí ara tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí à ń lò nígbà tí a bá fẹ́ sá fún ewu. Èròjà yẹn máa ń fún iṣan pọ̀ ni, kì í jẹ́ kó dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fi lè kùnà lálẹ́ ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ti ìdájí ló máa ń sọ òótọ́. Bí ọkùnrin bá sùn wọra, nǹkan rẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún lóru kan, láìsí obìnrin nítòsí. Oorun kò mọ gbèsè, kò mọ ìbẹ̀rù. Bí ó bá wá ń dìde lóru àti ní ìdájí, tó sì jẹ́ pé ó ń kọ̀ nígbà tí ìyàwó bá wà níbẹ̀ nìkan, pàápàá tó bá jẹ́ pé lójijì ló bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ni ìṣòro wà. Àmọ́ bí ti ìdájí náà bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì ń rọ̀ láti oṣù dé oṣù, ara ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tìrẹ jọ ti ara, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò sọ pé ìbẹ̀rù kò sí nínú rẹ̀ mọ́ báyìí. Oṣù mẹ́jọ ti tó fún un láti wọlé tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ló ṣí ilẹ̀kùn.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí jù lọ. Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọmọkùnrin kéré gan-an, milimítà kan sí méjì ni fífẹ̀ inú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó milimítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba ara inú gbogbo òpó wọ̀nyí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà ń bá wọn lọ́wọ́ sí i. Bí ìdọ̀tí kan náà bá lẹ̀ mọ́ ara òpó ńlá àti òpó kékeré, èwo ló máa kọ́kọ́ dí? Èyí tó kéré ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn sì ti kíyè sí nìyẹn: lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí àìsàn ọkàn padà kọ lù, nǹkan ọmọkùnrin ti ń ṣe ségesège láti bí ọdún méjì sí márùn-ún ṣáájú. Ìránṣẹ́ ni. Ó wá kan ilẹ̀kùn láti sọ fún ọ pé kí o lọ wo ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ nígbà tí àyè ṣì wà.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí a bá rí oògùn tó gbé e dìde fún ọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, làpálàpá la pa yẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ: ṣé ọjọ́ orí ni? Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní ọdún 2003, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin tó lọ sí ilé ìwòsàn kéékèèké ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Nàìjíríà wà lára wọn. Nínú 100 ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 35 sí 70 ní tiwa níbí, bíi 57 ló ní ìṣòro yìí, kékeré tàbí ńlá. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tẹ òmíràn jáde nípa àwọn ọkùnrin tó ti gbéyàwó ní Ilé-Ifẹ̀ tó wà lẹ́bàá wa níbí: ó ju 40 lọ nínú 100. Ronú nípa àwọn ọkùnrin tí ẹ jọ máa ń jókòó níbi pákó. Ìwọ nìkan kọ́. Ìwọ lo kàn lanu sọ ọ́.

Ìkejì: ṣé ọwọ́ ayé ni? Mi ò ní bá ọ jà lórí ohun tí o gbà gbọ́. Gbàdúrà rẹ. Ṣùgbọ́n wo ohun tí mo tò sókè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òùngbẹ, ìtọ̀ òru lẹ́ẹ̀mẹta, ṣòkòtò tó tú, àtọ̀gbẹ tó ṣe ìyá ẹni, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú. Gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka síbì kan náà, ohun tó sì wà níbẹ̀ ṣeé wọ̀n. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì ti po àgbo fún ọ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kò lè sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ìgò àgbo méjì tí o ní o ti mu ti gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ, ṣúgà tó bá wà níbẹ̀ kò sì dúró dè ọ́.

Nítorí náà, ohun tí a máa ṣe rèé. Lọ́jọ́ Àìkú, jẹun alẹ́ rẹ kí aago mẹ́wàá tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ nǹkan kan mọ́, omi lásán nìkan ni kí o mu. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ríìnì Róòdù. Ìdí tí mo fi ní àárọ̀ ni pé àyẹ̀wò ṣúgà fẹ́ kí ikùn ṣófo fún bíi wákàtí mẹ́jọ, èròjà ọkùnrin inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń ga jù ní òwúrọ̀; bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, ó lè dà bíi pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí dókítà bá bi ọ́ pé kí ló ṣe ọ́, má sọ pé ara ń ro ọ́. Mo mọ àwọn ọkùnrin tó ti tò láti àárọ̀, tí wọ́n dé iwájú dókítà, tí wọ́n wá ní ẹ̀yìn ló ń dùn àwọn. Wọ́n gba oògùn ẹ̀yìn lọ sílé. Sọ ọ́ báyìí: "Dókítà, nǹkan ọmọkùnrin mi kò dìde dáadáa mọ́ láti oṣù mẹ́jọ, ti ìdájí náà sì ti dín." Gbólóhùn yẹn ti tó. Kò ní yà á lẹ́nu. Á bi ọ́ bóyá ìfẹ́ obìnrin ṣì ń ta ọ́, bóyá o ń mu sìgá tàbí ọtí, bóyá àyà máa ń dùn ọ́ tí o bá gun òkè, àwọn oògùn tí o ti lò. Dáhùn gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀, kí apá rẹ sinmi lórí tábìlì, má sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń fi 140 lórí 90 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí kò sọ̀kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣúgà ti àárọ̀ ńkọ́? Kò yẹ kó tó 126. Bó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó pè é ní àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Níbẹ̀, ààlà rẹ̀ ni 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní kí wọ́n bá ọ ṣe é bí owó bá wà, nítorí oúnjẹ àná kò lè tàn án jẹ. Wọ́n tún lè yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti èròjà ọkùnrin wò. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ọwọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ̀wé fún ọ sí àwọn dókítà tó ń mójú tó ìtọ̀ àti nǹkan ọmọkùnrin ní Yú Sí Éèṣì. Láti 1957 ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn náà. Kò sí irú ìtìjú ọkùnrin tí kò tíì gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Ó ku ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o pa tì. Bí wọ́n bá tún fún ọ, àwọn ènìyàn á sọ fún ọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa ọkùnrin. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan lára wọn, pàápàá àwọn tó ń mú kí èèyàn tọ̀ dáadáa àti díẹ̀ lára àwọn tó ń dín bí ọkàn ṣe ń lù kù, lè dín dídìde kù lára ọkùnrin kan. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Bí o bá rí i pé nǹkan burú sí i lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ oògùn kan, padà lọ sọ fún dókítà, á pààrọ̀ rẹ̀. Má dá a dúró fúnra rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń ba òpó kékeré yẹn jẹ́ ju oògùn lọ, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè kẹta rẹ ni oògùn tí o máa lò. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Sáńwíìṣì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá oògùn fún àyà dídùn tó máa ń ti inú ọkàn wá. Wọ́n dán ọ̀kan wò lára àwọn ọkùnrin. Kò ṣe ọkàn ní àǹfààní tí wọ́n retí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí nǹkan ọmọkùnrin dìde. Síldẹnáfìlì ni wọ́n pè é. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìṣòro tìrẹ yìí gan-an. O rí i pé ọkàn ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi dé ibẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni.

Síldẹnáfìlì kì í dá ìfẹ́ sílẹ̀, kì í sì í gbé e dìde fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán tètè pòórá, kí iṣan lè dẹ̀ pẹ́. Bí dókítà bá rí i pé ó bá ọ mu, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 50 miligíráàmù, ẹyọ kan ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Bí o bá jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá yó bámúbámú kí o tó lò ó, ó máa pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì sí ìfọwọ́kàn àti ìfẹ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kò ní ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló lò ó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n sì ní kò ṣiṣẹ́. Lò ó bí wọ́n ṣe ní kí o lò ó lẹ́ẹ̀melòó kan kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣàjèjì sí ọ. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní àyà dídùn, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá ń lo irú oògùn yẹn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan síldẹnáfìlì rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì débi tó máa dákú tàbí kú. Bí àyà bá ń dùn ọ́ lẹ́yìn tí o lò ó, lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún wọn pé o lò ó. Bí ó bá sì dìde tí kò rọ̀ mọ́ tó fi tó wákàtí mẹ́rin, má rò pé oríire ni. Lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yẹn, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ lè ba kànìnkànìn yẹn jẹ́ títí láé.

Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rù oògùn tí o sọ fún mi pé o rà ní gáréèjì bà mí. Kò ní páálí, kò ní nọ́ńbà Náfúdákì, ẹni tó tà á kò bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Wọ́n ti rí i léraléra káàkiri ayé pé àwọn kan ń lọ síldẹnáfìlì mọ́ ohun tí wọ́n pè ní egbòogi lásán, láìsọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹni tó lò ó á rò pé ewé ló ń ṣiṣẹ́. Má lo èyí tó kù. Fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìgò àgbo méjèèjì àti páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́, bí o bá ṣì rí i. A máa kó gbogbo rẹ̀ dání lọ fún dókítà.

Ohun kan wà tí o lè bẹ̀rẹ̀ lónìí tí kò ní gba owó. Rìn. Nínú àkójọ àwọn ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ìrìn kíákíá tàbí eré ìdárayá fún 40 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà, mú kí nǹkan sunwọ̀n lára àwọn ọkùnrin tí ìṣòro wọn ti inú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, sísanra jù tàbí àìlọ-síwá-sẹ́yìn wá. Kí ó yá ju ìrìn ọjà lọ, tó fi jẹ́ pé o lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n o ò lè kọrin. Láti ilé rẹ dé Yunifásítì, wọ inú ọgbà, yí i ká, padà sílé: 40 ìṣẹ́jú ti pé. Oṣù mẹ́fà ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára láìsí ìtọ́jú, ó lè ti ba àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ jẹ́, oògùn mímu sì lè má ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, àwọn ọ̀nà mìíràn wà lọ́wọ́ àwọn dókítà Yú Sí Éèṣì, bí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n á kọ́ ọ láti máa gún. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ kò tíì pẹ́. Bí a ṣe tètè mú ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ tó ni òpó yẹn ṣe lè rí ìsinmi tó.

Ó ku ìyá àwọn ọmọ. O ní o ti ń sùn sí pálọ̀, o ń díbọ́n pé bọ́ọ̀lù lò ń wò títí tó fi máa sùn. Kò mọ̀ pé ojú ló ń tì ọ́. Lọ́kàn tiẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà pé o ti rí ẹlòmíràn. Pè é jókòó kí ọjọ́ Ajé tó dé. Má ṣe àlàyé púpọ̀. Sọ fún un pé: "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ọ. Ara mi ló ń dá mi dúró, mo sì ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé." Kí ẹ̀yin méjèèjì sì fẹnu kò pé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ máa sùn pọ̀, ẹ máa fọwọ́ kan ara yín, kò sì pọn dandan kí ó yọrí sí nǹkan kan. Bí kò bá sí ìdánwò tí o gbọ́dọ̀ yege lálẹ́, ìbẹ̀rù tó ti wọlé tọ̀ ọ́ yẹn kò ní rí ibi jókòó sí. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyàwó rẹ ló máa rán ọ létí pé aago mẹ́wàá ti lù, kí o má jẹun mọ́.

Aago mẹ́fà àbọ̀ ni màá dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Èmi náà kò ní tíì jẹun. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wọn tèmi kẹ́yìn, a jọ máa wọ̀n ọ́n ni. Nígbà tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán, a máa jáde sí Ríìnì Róòdù, a máa wá ẹ̀wà jẹ.

Èmi ni tìrẹ.

Lẹ́tà náà nìyẹn, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. A ti lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ohun tí wọ́n rí lára ọ̀rẹ́ mi wà láàárín òun àti dókítà rẹ̀, kò sí nínú ohun tó ní kí n kà. Ṣùgbọ́n ó gbà kí n sọ èyí: ó ti ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ti ń rìn, ó sì ti kúrò ní pálọ̀. Ní ti èmi, nígbà tí nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, 146 lórí 92 ló jáde. Wọ́n ní kí n padà wá. Mo ti padà lọ.